Ìkìlọ̀ Kíákíá fún Àwọn Ọ́fíìsì Kílíárìn: Iṣẹ́ Tí Ẹ Pa Rẹ́ Kò Tíì Kúrò Nílẹ̀

Ẹ dúró ná. Kí ẹ tó ti ọ́fíìsì lálẹ́ òní, ẹ pe ẹni tó kọ sọ́fítíwíà yín, kí ẹ bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: bí akọ̀wé wa bá tẹ `Delete` sórí iṣẹ́ kan, níbo ni iṣẹ́ náà ń lọ? Bó bá dáhùn pé, “Kò lọ síbì kankan, mo kàn ń fi àmì sí i lára ni,” ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gan-an, ẹ má fi dọ̀la. Ẹ̀yin ọ̀gá kílíárìn tí ẹ wà ní Àpápá GRA ni mò ń bá wí, àti ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń kọ sọ́fítíwíà fún wọn láti Ajégúnlẹ̀. Èmi náà ti kọ irú rẹ̀ rí, n kò lè yọ ara mi sílẹ̀.

Àmì tí mo wí yìí kò le. Nínú tábìlì tí gbogbo iṣẹ́ wà nínú dátábéèsì, purogirámà á fi òpó kan kún un, á pè é ní `deleted_at`. Bí òpó yẹn bá ṣófo, iṣẹ́ náà ṣì wà láàyè. Bí ọjọ́ bá ti wọ inú rẹ̀, wọ́n ti pa á rẹ́ nìyẹn. Ìlà náà ò kúrò níbi tó wà. Ojú ìwé tí akọ̀wé ń wò ni kò ní fi í hàn mọ́. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn sùn sílẹ̀ ní pálọ̀ tí wọ́n wá da ẹní bò ó: ojú ò rí i, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń kọjá lóru á fẹsẹ̀ kọ ọ́.

Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Oníbàárà a máa yí ọkàn padà. Ó lè gbé iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ yín lónìí, kó tún padà wá lọ́sẹ̀ mẹ́ta sí i, inú yín á sì dùn pé ẹ lè nu ọjọ́ kúrò nínú `deleted_at` kí iṣẹ́ náà jáde padà. Ohun tí wọn kì í sọ fún yín ni pé láti ọjọ́ tí ẹ ti fi òpó yẹn sí i, gbogbo ìbéèrè tí sọ́fítíwíà yín bá ń bi dátábéèsì, títí ayé, gbọ́dọ̀ máa rántí láti fi gbólóhùn kan kún un: `WHERE deleted_at IS NULL`. Èyí tó bá gbàgbé, òkú iṣẹ́ ló ń kà mọ́ alààyè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣojú mi. Ọ́fíìsì kan tí n kò ní dárúkọ, yàrá mẹ́ta lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní GRA, ń bá Alájì kan tó ń ta súpéàpáàtì ní Báńdárì kó kọ̀nténà ẹlẹ́sẹ̀ ogún kan jáde ní èbúté. Akọ̀wé ṣí iṣẹ́ náà lóṣù kẹta ọdún 2025, kọ̀ǹpútà sì fún un ní nọ́ńbà 4127. Ó kọ nọ́ńbà bí-ẹ́ẹ̀lì sí i, ìyẹn ìwé ẹrù tí iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi gbé lé Alájì lọ́wọ́. Ó kọ owó mẹ́ta sábẹ́ rẹ̀: owó ajẹ́ǹtì ₦150,000, owó ìwé ₦50,000, owó tírélà ₦200,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦400,000. Lọ́jọ́ kejì, owó náà bí Alájì nínú, ó ní òun ń gbé iṣẹ́ òun lọ bá ajẹ́ǹtì mìíràn. Akọ̀wé tẹ `Delete`. Iṣẹ́ 4127 pòórá lójú ìwé, kálukú bá tiẹ̀ lọ.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ò pariwo rárá. Iṣẹ́ wà nínú tábìlì tí wọ́n pè ní `jobs`, owó sì wà nínú `job_charges`. Inú `jobs` nìkan ni purogirámà fi `deleted_at` sí. Ní dátábéèsì, iṣẹ́ ni ìyá, owó sì ni ọmọ. Bí ẹ bá pa ìyá rẹ́ ní tòótọ́, dátábéèsì á bi yín nípa àwọn ọmọ: yálà kó kọ̀ fún yín, tàbí kó pa wọ́n mọ́ ọn, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ti pàṣẹ fún un tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n fífi àmì sára ìyá kì í ṣe pípa rẹ́ lójú dátábéèsì. Ẹ kàn yí nǹkan kan padà lára rẹ̀ ni. Kò ní bi yín ní nǹkan kan. Àwọn ọmọ mẹ́ta yẹn, owó ajẹ́ǹtì, owó ìwé àti owó tírélà, jókòó síbẹ̀ láìní àmì kankan. Nígbà tó di ìparí oṣù, ohun tí kọ̀ǹpútà fi ṣírò owó tó wọlé nìyí:

```sql
SELECT sum(amount) FROM job_charges
WHERE charged_on >= '2025-03-01'
  AND charged_on <  '2025-04-01';
```

Kò sí ibi tó ti béèrè bóyá iṣẹ́ tó ni owó yẹn ṣì wà láàyè. ₦400,000 tí ẹnikẹ́ni ò san wọ inú àpapọ̀. Àǹtí akáǹtáǹtì, obìnrin kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ owó ìjọba ṣeré, yọ fáàtì ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún lórí gbogbo rẹ̀, ó sì san án kó tó di ọjọ́ 21 oṣù kẹrin. ₦30,000 ti lọ lórí owó tí kò wọlé. Iṣẹ́ kan ṣoṣo mà nìyẹn.

Ọjọ́ kọkàndínlógún lẹ́yìn tó gbé iṣẹ́ lọ ni Alájì padà wá pẹ̀lú bí-ẹ́ẹ̀lì kan náà lọ́wọ́. Ajẹ́ǹtì kejì ti gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ṣe nǹkan kan. Akọ̀wé fẹ́ ṣí iṣẹ́ tuntun fún un, kọ̀ǹpútà kọ̀: ó ní nọ́ńbà bí-ẹ́ẹ̀lì yìí ti wà. Akọ̀wé wá a títí, kò rí i. Bẹ́ẹ̀ òótọ́ ni kọ̀ǹpútà ń sọ. Purogirámà ti pàṣẹ pé bí-ẹ́ẹ̀lì kan kò gbọ́dọ̀ wọlé lẹ́ẹ̀mejì, èyí sì bójú mu. Àmọ́ òfin yẹn ń ka òkú iṣẹ́ mọ́ alààyè. Nǹkan tí ojú akọ̀wé ò rí ló dí i lọ́nà.

Kí ni ẹ rò pé ó ṣe? Èrò ń dúró níwájú rẹ̀, iná ti fẹ́ lọ. Ó fi àmì ìdánudúró kan kún ìdí nọ́ńbà náà, kọ̀ǹpútà sì gbà á. Ẹ má bá a wí o. Gbogbo akọ̀wé tí mo mọ̀ ní Àpápá ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wo inú dátábéèsì yín, ẹ wá nọ́ńbà tí àmì ìdánudúró, àlàfo tàbí lẹ́tà `A` wà nídìí rẹ̀. Bí ẹ bá rí i, ẹ ti mọ̀ pé òkú kan wà lábẹ́ ẹní nítòsí ibẹ̀. Àmì ìdánudúró yẹn bọ́ sórí lẹ́tà tí sọ́fítíwíà tẹ̀ jáde fún wọn ní èbúté. Ẹni tó wà ní wíńdò wò ó, ó ní nọ́ńbà yìí ò bá tòun mu, ó dá wọn padà. Ọjọ́ mẹ́rin kọjá lórí ọ̀rọ̀ yẹn, dímọ́réèjì sì ń ka iye ọjọ́ tirẹ̀ lọ.

Wọ́n wá pe ọmọkùnrin tó kọ sọ́fítíwíà náà. Ó rí iṣẹ́ 4127 níbi tó fara pamọ́ sí, ó nu ọjọ́ kúrò nínú `deleted_at`, ó ní ó ti parí. Iṣẹ́ àtijọ́ jí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tuntun tó ní àmì ìdánudúró náà ṣì wà láàyè, pẹ̀lú owó mẹ́ta tirẹ̀. Ínfọ́ìsì sì ń kó gbogbo owó tó bá wà lórí nọ́ńbà kọ̀nténà jọ. ₦800,000 ló jáde fún Alájì.

“Àǹtí, ṣé kọ̀nténà mi ti bímọ ni?”

Àwọn ọ̀rọ̀ tó sọ lẹ́yìn ìyẹn, n kò ní kọ ọ́ síbí.

Bí sọ́fítíwíà yín bá ń lo àmì yìí tí ẹ kò sì lè yí i padà lọ́sẹ̀ yìí, ohun kan wà tí ẹ lè fi dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Lórí PostgreSQL, ẹ lè sọ fún òfin àìwọlé-lẹ́ẹ̀mejì pé iṣẹ́ tó wà láàyè nìkan ni kó máa wò. Ẹ yọ òfin àtijọ́ kúrò, kí ẹ fi èyí rọ́pò rẹ̀:

```sql
CREATE UNIQUE INDEX jobs_bl_live
ON jobs (bl_no)
WHERE deleted_at IS NULL;
```

MySQL kò ní irú ìyẹn. Ẹni tó bá ń lò ó gbọ́dọ̀ wá ọgbọ́n mìíràn dá. Báńdéèjì sì ni èyí náà. Kò kan ọ̀rọ̀ owó mẹ́ta tó jókòó sínú `job_charges`.

Ọ̀nà tí mò ń gba àwọn ọ́fíìsì níyànjú báyìí ni tábìlì àká. Àgbẹ̀ kì í fi àgbàdo tó ti ká sílẹ̀ sínú oko kó wá so rìbọ́ọ̀nù mọ́ ọn pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kà á mọ́ èyí tó ń hù. Ó ń kó o lọ sí àká ni. Ẹ dá tábìlì kejì sílẹ̀, ẹ pè é ní `jobs_archive`, kí `job_charges` náà ní tirẹ̀. Nígbà tí akọ̀wé bá tẹ `Delete`, ìlà náà á kúrò pátápátá nínú `jobs`, á sì bọ́ sínú àká lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ìbéèrè kankan tó ní láti rántí nǹkan kan mọ́. Nọ́ńbà bí-ẹ́ẹ̀lì náà ti di òmìnira. Ìṣirò ìparí oṣù kò lè ka ohun tí kò sí níbẹ̀.

Kíkó lọ náà ni iṣẹ́ wà. Ọmọ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ, kí ìyá tó tẹ̀ lé e, kí gbogbo rẹ̀ sì wà láàárín `BEGIN` àti `COMMIT`, kí ó lè jẹ́ pé bí iná bá lọ láàárín, kò sí èyí tó lọ rárá:

```sql
BEGIN;
WITH c AS (
  DELETE FROM job_charges
  WHERE job_id = 4127 RETURNING *
)
INSERT INTO job_charges_archive
SELECT c.*, now() FROM c;

WITH j AS (
  DELETE FROM jobs
  WHERE id = 4127 RETURNING *
)
INSERT INTO jobs_archive
SELECT j.*, now() FROM j;
COMMIT;
```

Bí Alájì bá padà wá, ẹ yí i po: ìyá kọ́kọ́ jáde láti inú àká, àwọn ọmọ á tẹ̀ lé e, pẹ̀lú nọ́ńbà 4127 kan náà, kí okùn tó so wọ́n pọ̀ má bàa já. Lẹ́yìn náà kí ẹ pa wọ́n rẹ́ nínú àká, torí bí iṣẹ́ kan bá wà níbi méjì, ẹ ti padà sí ₦800,000 nìyẹn.

Ìkìlọ̀ mi kò mọ síbẹ̀, nítorí àká náà ń jó. Mo ti rí ọ̀nà méjì tó gbà ń jó.

Èkíní ni gbólóhùn `ON DELETE CASCADE`. Ẹ rántí pé mo ní dátábéèsì lè pa àwọn ọmọ mọ́ ìyá bí ẹ bá ti pàṣẹ bẹ́ẹ̀ fún un. Àṣẹ yẹn nìyí, ọ̀pọ̀ purogirámà sì ń kọ ọ́ láìrò ó nígbà tí wọ́n ń dá tábìlì sílẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ fi ń lo àmì, àṣẹ yìí ń sùn, torí ẹ kò pa ìyá kankan rẹ́ rí. Lọ́jọ́ tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ àká, ó jí. Bí purogirámà yín bá gbé `jobs` lọ sínú àká tó sì gbàgbé `job_charges`, dátábéèsì kò ní ké, kò ní kọ̀. Á pa owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́ nídákẹ́jẹ́, iṣẹ́ 4127 nìkan ló máa dé àká, níhòòhò. Oṣù bíi mélòó kan lè kọjá kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, ìgbà tí oníbàárà bá padà dé ni. Ẹ tẹ `\d job_charges`, kí ẹ kà á délẹ̀. Bí ẹ bá rí gbólóhùn yẹn, ẹ yí i sí `ON DELETE RESTRICT` kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Nígbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbàgbé ọmọ, dátábéèsì á figbe ta. Igbe yẹn ni ẹ fẹ́.

Èkejì ni pé tábìlì iṣẹ́ ń dàgbà, àká ò sì mọ̀. Ẹ wo ìlà `SELECT j.*, now()` tó wà lókè yẹn. Ohun tó ń sọ ni pé: mú gbogbo òpó tó wà lára iṣẹ́, bó ṣe tò, kí o fi àkókò ìsinsìnyí sí ìkẹyìn. Òpó ìkẹyìn nínú àká ni `archived_at`, nítorí náà wọ́n bára mu. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ọ̀gá ní kí wọ́n máa kọ ìgbà tí kọ̀nténà jáde ní géètì sílẹ̀. Purogirámà fi `gate_out_at` kún `jobs`. Ó rántí àká náà, ó fi òpó kan náà kún un níbẹ̀, èyí sì dára. Ṣùgbọ́n ìdí àká ló fi í sí, lẹ́yìn `archived_at`. Láti ọjọ́ náà, ìgbà tí kọ̀nténà jáde ní géètì ń wọ inú `archived_at`, ìgbà tí wọ́n sì pa iṣẹ́ rẹ́ ń wọ inú `gate_out_at`. Ọjọ́ àti àkókò ni méjèèjì, dátábéèsì ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá ń bá yín jà lórí ọjọ́ tí ẹrù rẹ̀ jáde, tí ẹ lọ yẹ àká wò, irọ́ ni ẹ máa kà jáde. Ẹ má lo ìràwọ̀ yẹn bẹ́ẹ̀. Ẹ dárúkọ òpó kọ̀ọ̀kan níbi méjèèjì. Mo lò ó lókè kí kóòdù lè kúrú ni, mo sì mọ̀ pé ẹnì kan á dà á kọ bó ṣe wà.

Àwọn kan máa ń dì í pọ̀ mọ́ `jsonb` dípò rẹ̀, kí gbogbo ìlà di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó ní orúkọ òpó kọ̀ọ̀kan nínú. Èmi náà fẹ́ràn ìyẹn. Tábìlì àká kan á tó fún gbogbo ilé, kò sì sóhun tó lè ṣì sínú òpó ẹlòmíràn. Ìnáwó rẹ̀ ni pé wíwá nǹkan nínú rẹ̀ kò yá tó ti tábìlì gidi, àti pé ọjọ́ ìdápadà ni ẹ máa mọ̀ bí òpó tuntun kan tí kò gbọdọ̀ ṣófo bá ń dí yín lọ́nà.

Ẹ má sì pe àká ní bákọ́ọ̀pù o. Inú dátábéèsì kan náà ni ó wà, lórí dísíkì kan náà. Ẹni tó bá pa dátábéèsì rẹ́, ó pa àká mọ́ ọn.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì kéékèèké nìyí, kó wo Atlassian, iléeṣẹ́ Ọsirélíà tó ni Jira. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 2022, wọ́n fẹ́ yọ sọ́fítíwíà àtijọ́ kan kúrò lára àwọn ojúlé oníbàárà. Ètò tí wọ́n ń lò fún un ní ọ̀nà méjì: ọ̀kan ń fi àmì sára nǹkan kó ṣeé dá padà, èkejì ń pa á rẹ́ ráúráú, nítorí òfin tó ní kí wọ́n nu ìsọfúnni èèyàn nù. Ẹni tó ṣe ètò náà lo ọ̀nà ráúráú. Nọ́ńbà tí wọ́n sì kó fún un kì í ṣe ti sọ́fítíwíà náà, ti gbogbo ojúlé oníbàárà lódindi ni. Láàárín ìṣẹ́jú 23, ojúlé 883 tó jẹ́ ti oníbàárà 775 lọ. Bákọ́ọ̀pù wà, ṣùgbọ́n ó tó ọjọ́ 14 kí àwọn kan nínú wọn tó rí nǹkan wọn gbà padà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni pé bọ́tìnnì kan náà ló gbé iṣẹ́ méjèèjì sára. Lọ́fíìsì yín, ẹni tó ń kó nǹkan lọ sí àká kò gbọdọ̀ ní agbára láti pa á rẹ́ nínú àká. Ẹ fún un ní orúkọ ìwọlé tirẹ̀ nínú dátábéèsì, kí àṣẹ `DELETE` má sí fún un lórí tábìlì àká. Kí ìdápadà náà wà lọ́wọ́ ọ̀gá.

Ṣé àmì kò wá níṣẹ́ kankan ni? Ó ní. Bí akọ̀wé bá ṣèèṣì tẹ bọ́tìnnì, tó sì fẹ́ dá iṣẹ́ náà padà kí ọjọ́ tó ṣú, àmì dára fún ìyẹn. Kí wọ́n kàn rí i pé lálaalẹ́ ni ètò kan ń kó àwọn tó ti pẹ́ lọ sí àká. Oníbàárà tó ti lọ, tí ínfọ́ìsì rẹ̀ àtijọ́ ṣì wà nínú ìwé yín, ẹ má pa á rẹ́ rárá. Ẹ kọ ọ́ sára rẹ̀ pé kò bá yín ṣe mọ́. Ipò ni ìyẹn.

Òfin méjì tún wà tó ń fa ọ̀rọ̀ yìí sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Òfin iléeṣẹ́ ti ọdún 2020 ní kí iléeṣẹ́ tọ́jú ìwé ìṣirò owó rẹ̀ fún ọdún 6. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni tí Ààrẹ Tinúbú fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023 sì fún èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí ẹ nu ìsọfúnni òun nù nígbà tí kò sí ìdí tó bófin mu láti tọ́jú rẹ̀ mọ́. Àmì kò nu nǹkan kan nù. Nọ́ńbà fóònù Alájì ṣì wà níbẹ̀ ketekete. Inú àká náà kò kúrò. Ìyàtọ̀ wọn ni pé inú àká, ẹ mọ ibi tó wà, ẹ mọ ọjọ́ tó wọlé, ẹ sì lè nu nọ́ńbà fóònù nù kí ẹ fi ìṣirò owó sílẹ̀ títí ọdún 6 yóò fi pé.

Ní báyìí, kí ẹ tó pa kọ̀ǹpútà, kí ẹnì kan bá yín tẹ èyí. Kò ní yí nǹkan kan padà, ó kàn ń wò ni:

```sql
SELECT j.id, j.bl_no, sum(c.amount)
FROM jobs j
JOIN job_charges c ON c.job_id = j.id
WHERE j.deleted_at IS NOT NULL
GROUP BY j.id, j.bl_no;
```

Ìlà kọ̀ọ̀kan tó bá jáde jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ ti pa rẹ́ tí owó rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé yín. Bí kò bá sí ìlà kankan, ẹ lọ sùn. Ní ọ́fíìsì tí mo sọ ìtàn rẹ̀ yìí, mẹ́tàdínlógún ló jáde. Àǹtí akáǹtáǹtì yọ gíláàsì rẹ̀, ó ní kí n bá òun tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé.